Pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá olówó pọ́ọ́kú: lọ wọn ooru inú òkìtì kòkó

*Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo wà ní ìpele 500 nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná, l'Ékìtì níbí. Owó ọwọ́ mi kò ju kí n ra bọ́ọ̀dù kékeré kan àti sẹ́ńsọ̀ mélòó kan lọ. Gbogbo ohun tí mo bá gbé lọ bá ọ̀gá mi, wọ́n á ní wọ́n ti ṣe é rí. Kí ni mo lè ṣe tí wọn ò ní dá mi padà?*

Sẹ́ńsọ̀ márùn-ún lórí bọ́ọ̀dù kan kò lè gbà ọ́, bí ẹni tó ń dán ọ wò bá bèèrè bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe péye tó tí o sì dákẹ́. Wọn ohun kan ṣoṣo, kí o sì mọ ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀. Èyí tí màá yàn fún ọ ni ooru inú òkìtì kòkó.

Tí àgbẹ̀ bá ti pa kòkó, á kó o jọ, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kó tó sá a, á sì máa yí i padà ní bí ọjọ́ méjì méjì. Láàárín àkókò yẹn, inú òkìtì náà máa ń gbóná tó 45°C sí 50°C. Ooru yìí wà lára ohun tó ń fún kòkó ní òórùn àti adùn rẹ̀. Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń kì bọ̀ ọ́ láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná. Iṣẹ́ rẹ ni kí o kọ ooru náà sílẹ̀ ní ààbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́fà, láìsí iná NEPA àti láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí o máa rà kò pọ̀: Arduino Pro Mini oní 3.3 V kan, sẹ́ńsọ̀ DS18B20 onírin mẹ́rin (mẹ́ta fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ìpamọ́), rẹsísítọ̀ 4.7 kΩ kan, bátìrì 18650 kan àti ilé rẹ̀. Pro Mini kò ní ojú USB, nítorí náà yá ẹ̀yà tó ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ. Wáyà détà sẹ́ńsọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pàdé lórí píìnì kan, rẹsísítọ̀ náà á sì wà láàárín píìnì yẹn àti 3.3 V. Rẹsísítọ̀ kan ni fún gbogbo wọn o, kì í ṣe ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú. Kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi téèpù lẹ orúkọ mọ́ wáyà rẹ̀ kí o má baà mọ àárín òkìtì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí n kò fi ní kí o lo Nano tí gbogbo èèyàn ń lò nìyí. Nano ń jẹ tó 20 mA kódà nígbà tí kò bá ṣe nǹkan kan. Bátìrì tó jẹ́ 2000 mAh lóòótọ́ á fún ọ ní 2000 ÷ 20, ìyẹn 100 wákàtí. Ọjọ́ mẹ́fà sì jẹ́ 144 wákàtí, nítorí náà á kú ní ọjọ́ karùn-ún. (Bátìrì 18650 tí wọ́n kọ 9900 mAh sí lára, irọ́ ni. Kò sí èyí tó gba tó bẹ́ẹ̀.) Yọ iná kékeré tó máa ń tàn lórí Pro Mini kúrò, kí o sì jẹ́ kí bọ́ọ̀dù máa sùn láàárín ìwọ̀n kan sí èkejì, ohun tó ń jẹ kò ní tó 1 mA. Ká tiẹ̀ kà á sí 1 mA géérégé, ọjọ́ mẹ́fà á jẹ 144 mAh péré. Ìṣirò yìí gan-an ni iṣẹ́ iná mànàmáná inú pírójẹ́ẹ̀tì yìí. Fi mítà wọn kọ́rẹ́ńtì náà fúnra rẹ, nígbà tó sùn àti nígbà tó jí, kí o kọ méjèèjì sínú ìwé rẹ.

O kò nílò káàdì ìpamọ́ rárá. EEPROM, ibi ìpamọ́ inú ATmega328P tó wà lórí Pro Mini, gba báìtì 1024. Ẹ̀ẹ̀mejì ní wákàtí kan fún ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ 288. Ní sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta, ó di 864. Ó wọlé, bí o bá lè fi báìtì kan ṣoṣo pa ooru kọ̀ọ̀kan mọ́. Sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin kí o tó kọ ọ́, kí o fi mẹ́rin pín in nígbà tí o bá ń kà á:

```cpp
for (int i = 0; i < 225; i++)
  LowPower.powerDown(SLEEP_8S, ADC_OFF, BOD_OFF);
sensors.requestTemperatures();
for (int k = 0; k < 3 && pos < 864; k++) {
  float t = sensors.getTempC(addr[k]);
  byte b = (t < 0 || t > 63) ? 255 : (byte)(t * 4 + 0.5);
  EEPROM.update(pos++, b);
}
```

Wo 255 yẹn dáadáa. Bí wáyà bá já, láíbìrì DallasTemperature á fún ọ ní -127. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná tí o sì kà á kó tó parí ìwọ̀n rẹ̀, èyí tó ń gbà tó 750 ms, á fún ọ ní 85 gan-an. Kòkó kì í gbóná dé 85°C. Méjèèjì á di 255 nínú ìpamọ́ rẹ, o ò sì ní ya irọ́ sórí gíráàfù.

Ohun méjì míì máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bí o bá so bọ́ọ̀dù mọ́ kọ̀ǹpútà tí o ṣí Serial Monitor, bọ́ọ̀dù á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó sì lè kọ nǹkan tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Nítorí náà ni kóòdù yẹn fi kọ́kọ́ sùn kó tó kọ nǹkankan. Yan píìnì kan tí o máa fi wáyà so mọ́ GND nígbà tí o bá fẹ́ kó tú èsì jáde. Bí kò bá sí wáyà níbẹ̀, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ. Èkejì ni pé aago inú ATmega328P tó ń jí i kò péye. Bó bá fi 5% yà, wákàtí méje ni o máa fi ṣìnà lọ́jọ́ mẹ́fà. Kọ àkókò tí o bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí o parí láti inú fóònù rẹ, kí o wá pín àkókò tó wà láàárín wọn sí iye ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ kan tó wà nínú EEPROM.

Kí o tó lọ sóko, yẹ sẹ́ńsọ̀ wò. Bu omi yìnyín tó ń yọ́ sínú ife, rò ó dáadáa, ó yẹ kó jẹ́ 0°C. Lẹ́yìn náà, bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, bí 40°C, kí o fi sẹ́ńsọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti temomíta oní-nọ́ńbà tí wọ́n ń tà nílé ìtajà oògùn sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé DS18B20 sọ pé àṣìṣe rẹ̀ kì í ju 0.5°C lọ, àmọ́ ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ìyàtọ̀ tí o bá rí ni o máa yọ kúrò nínú èsì ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lóko, fi sẹ́ńsọ̀ kan sí àárín òkìtì, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀. Fi gọ́ọ̀mù ẹpọ́sì dí ibi tí wáyà ti wọ inú irin, nítorí omi kòkó máa ń kan, ó sì ń jẹ irin àti wáyà. Má ṣe lo abọ́ kòkó kan: òkìtì kékeré kì í gbóná. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, wàá rí i lórí gíráàfù pé ooru àárín gùn, pé ó já wálẹ̀ ní ọjọ́ tí àgbẹ̀ yí i padà, tó tún gùn sókè. Kọ wákàtí tí ó yí i padà sílẹ̀, kí o fi wé gíráàfù.

Ìkórè kòkó ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù September sí October, nítorí náà bá àgbẹ̀ kan ní Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùrẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, kí o sì ti fi omi inú báfù dán ẹ̀rọ náà wò fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko nílé.