Èsì: Ta ló yí Ksp AgCl padà?

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní Ksp AgCl kì í yí padà. Kí ló dé tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun mi fi yòrò nígbà tí mo da amóníà sí i?"

Ksp ni ohun tí ẹ ó rí tí ẹ bá fi Ag⁺ sọ Cl⁻ di púpọ̀ nínú omi tí AgCl ò lè yòrò sí mọ́. Kò yí padà lóòótọ́. Ag⁺ ni amóníà ń gbé lọ: amóníà méjì á so mọ́ Ag⁺ kan, wọ́n á di [Ag(NH₃)₂]⁺. Bí Ag⁺ tó dá wà ṣe ń dín kù ni AgCl ń yòrò láti dí àyè rẹ̀.

Ẹ wò ó nínú amóníà 1 M. Ksp jẹ́ 1.8 × 10⁻¹⁰, Kf, òdiwọ̀n bí ìsopọ̀ yẹn ṣe lágbára tó, sì tó 1.7 × 10⁷. Ẹ fi èkíní sọ èkejì di púpọ̀, ẹ ó rí 3.06 × 10⁻³. Tí s bá jẹ́ iye AgCl tó yòrò, s²/(1 − 2s)² ni 3.06 × 10⁻³ yẹn. Nítorí náà s/(1 − 2s) = √(3.06 × 10⁻³) = 0.055, s sì jẹ́ 0.050 M. (2s yẹn ni amóníà tó ti so mọ́ fàdákà, ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé rẹ̀.) Omi lásán kì í gbà ju 1.3 × 10⁻⁵ M lọ.

Ṣùgbọ́n Ag⁺ tó ṣẹ́ kù ò ju 3.6 × 10⁻⁹ M. Ẹ fi Cl⁻ 0.050 sọ ọ́ di púpọ̀: Ksp àtijọ́ náà ni.

Tí ẹ bá da ásíìdì náítíríìkì sí i, H⁺ á sọ amóníà di NH₄⁺, funfun yẹn á sì padà. Ẹ má tọ́jú omi amóníà-fàdákà náà pẹ́ o. Tó bá gbẹ, ó lè bú gbàmù.