CEC 22.8 lórí ilẹ̀ yanrìn: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra ajílẹ̀

“Èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ mi dé: pH 7.9, kálísíọ́mù 4200 ppm, magnẹ́síọ́mù 180, potasíọ́mù 117, CEC 22.8. Wọ́n ní potasíọ́mù jẹ́ 1.3% péré nínú CEC, kí n gbé e dé 4%. Ṣé kí n ṣe é? Yanrìn ni ilẹ̀ náà, amọ̀ inú rẹ̀ 8%, ohun jíjẹrà 1.2%.”

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. CEC yẹn ni mi ò gbà gbọ́.

CEC ni iye àyè tó wà lára amọ̀ àti ohun jíjẹrà tí kálísíọ́mù, magnẹ́síọ́mù àti potasíọ́mù lè rọ̀ mọ́ kí òjò má bàa ṣàn wọ́n lọ. Yanrìn fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ lábù kì í wọn CEC ní tààrà. Ṣe ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ láti ara ohun tí oògùn wọn fà jáde. Ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín, ẹ fi nọ́ńbà tó ń sọ ppm ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìwọ̀n CEC pín in: 4200 ÷ 200 jẹ́ 21, 180 ÷ 120 jẹ́ 1.5, 117 ÷ 390 jẹ́ 0.3. Ẹ ro wọ́n pọ̀, 22.8 géérégé ni. Kálísíọ́mù nìkan ló kó 21 nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ tí pH rẹ̀ ti dé 7.9 sábà máa ń ní ẹfun nínú. Oògùn lábù tó ní ásíìdì máa ń yọ́ ẹfun náà, wọ́n á wá ka kálísíọ́mù inú ẹfun mọ́ èyí tó rọ̀ mọ́ amọ̀. Ohun jíjẹrà 1.2% kò lè fún yín ju bíi 2.4 lọ, amọ̀ 8% á sì fi bíi 3 kún un, tí kì í bá ṣe irú amọ̀ tó máa ń wú gan-an. Bí CEC tòótọ́ bá jẹ́ bíi 5 sí 6, potasíọ́mù yín ti wà ní 5 sí 6%.

Ẹ wo ohun tí ìmọ̀ràn wọn ń béèrè: 4% nínú 22.8 jẹ́ 0.91, ẹ ní 0.3, ó ku 0.61, ẹ sọ ọ́ di ppm padà: 0.61 × 390 jẹ́ 238 ppm. Nínú ilẹ̀ hẹ́kítà kan tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, èyí jẹ́ nǹkan bíi kílò 475 potasíọ́mù. Àyè kékeré yẹn kò lè gbà á. Òjò á ṣan púpọ̀ lọ, èyí tó bá kù á máa lé magnẹ́síọ́mù kúrò.

Ẹ da fínígà sórí ilẹ̀ gbígbẹ díẹ̀. Bó bá hó, ẹfun wà níbẹ̀. Bí kò bá hó, ìyẹn kò tíì dá ilẹ̀ náà láre, torí fínígà kò lágbára, ẹfun tó ní magnẹ́síọ́mù nínú kì í sì í tètè hó. Kí ẹ ní kí lábù wọn CEC ní tààrà, pẹ̀lú oògùn tí pH rẹ̀ jẹ́ 8.2, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ ẹfun. Títí dìgbà náà, ẹ pa ìdá ọgọ́rùn-ún tì. 117 ppm ni kí ẹ fi wé ìwọ̀n tí lábù là sílẹ̀ fún irè oko yín. Bí ajílẹ̀ bá sì pọn dandan, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta láàárín àsìkò, ẹ má da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.