Ẹsẹ mẹ́jọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta

"Ẹ̀yin ará, èmi ni mo ń yan orin fún ìsìn wa. Wọ́n ní orin kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ mọ́. Báwo ni mo ṣe máa gé orin tó ní ẹsẹ mẹ́jọ tí ìtàn inú rẹ̀ kò fi ní já?"

Ẹ má ṣe fo ẹsẹ kan mú ẹsẹ kan. Ohun tí mo ṣe nìyẹn nígbà kan, pẹ̀lú orin àwọn ẹni mímọ́ tí William Walsham How kọ ní 1864. Ẹsẹ 11 ló kọ, 8 ni ìwé orin tèmi tẹ̀. Mo kéde 1, 3, 5 àti 7. Nígbà tí a dé ẹsẹ 7, orin ní "ṣùgbọ́n" ọjọ́ kan ń mọ́ tó lógo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lógo ju kí ni? Ẹsẹ 6 ló sọ nípa ìrọ̀lẹ́ tí àwọn jagunjagun lọ sinmi, èmi sì ti gé e sọnù. Ẹsẹ 8 ni ogunlọ́gọ̀ ti wọ ẹnubodè, a ò dé ibẹ̀. Bàbá àgbà kan bi mí lẹ́yìn ìsìn bóyá èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ wọn síta.

Látìgbà náà, ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ ni mo kọ́kọ́ ń kà. Ẹsẹ tó bá fi "ṣùgbọ́n" tàbí "nítorí náà" bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ní "wọn" láìsọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ti so mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ mú méjèèjì, tàbí kí ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. Nínú orin yìí, 6 àti 7 kò ṣeé yà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹsẹ tó jẹ́ afárá. Ẹsẹ 4 ni tiwa: ó ní àwa ṣì ń tiraka, àwọn ń tàn nínú ògo, síbẹ̀ ọ̀kan ni wá. Ẹsẹ kan ṣoṣo yẹn gba iṣẹ́ 2 àti 3 ṣe. Bí mo ṣe ń lò ó báyìí ni 1, 4, 5, 8. Ní ẹsẹ 5, ẹni tó wà lójú ogun gbọ́ orin ìṣẹ́gun lókèèrè. Ní 8, àwọn tó ń wọlé ló ń kọrin. Orin yẹn ló so ó pọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40, nítorí náà mẹ́rin jẹ́ 160, ó sì ku díẹ̀ fún dùùrù láti ṣíde.

Àwọn orin kan wà tí kò gba ọ̀bẹ. Orin odi agbára ti Luther, ẹsẹ 4 péré ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ 1 parí sórí pé kò sí ẹni tó tó ọ̀tá náà láyé. Bí ẹ bá dúró síbẹ̀, èṣù ló borí! Ọjọ́ tí àyè bá wà ni mo ń yan irú wọn.

Nígbà tí ẹ bá ń kéde, ẹ dárúkọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ẹsẹ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, torí ẹsẹ 5 inú ìwé kan lè jẹ́ 8 nínú òmíràn. Kí ẹni tó ń tẹ dùùrù náà ti ní i lọ́wọ́ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.