Imú ẹ ò fẹ̀ ní Disẹ́ḿbà

"Ẹ káàsán o, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ ọdún 19 ni mí, mò ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Mọ́kọ́lá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ṣèyàwó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, èmi ni wọ́n ní kí n ṣe olórí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó, àmọ́ imú mi ti tóbi jù, n ò fẹ́ kí fotógíráfà yà mí. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, láti Disẹ́ḿbà tí bùọ̀dá mi ti ra tuntun fún mi ni mo ti wá rí bí imú náà ṣe fẹ̀ tó. Tí n bá lo fíltà mo máa ń rẹwà gan-an, tí n bá yọ ọ́ báyìí, ẹkún ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Mo ti ra nǹkan tí wọ́n fi ń há imú, mo máa ń há a sùn. Ṣé kí n parọ́ pé ara mi ò yá lọ́jọ́ ìyàwó ni, àbí kí n bẹ fotógíráfà kó bá mi fi kọ̀ǹpútà tún imú mi ṣe?"

Disẹ́ḿbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà ẹ, ibẹ̀ lojú mi ń padà sí, ìwọ sì kọjá lórí ẹ̀ bí ẹni tó ń fo gọ́tà. Ọdún mọ́kàndínlógún lo ti ń gbé imú yìí kiri Ìbàdàn, o gbé e lọ iléèwé, o gbé e lọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ẹ, ìwọ fúnra ẹ ò ráhùn nípa ẹ̀ rí, ọjọ́ tí fóònù wọlé nimú wá fẹ̀. Èwo ló wá yí padà níbẹ̀, imú ni àbí fóònù?

Inú ń bí mi torí lẹ́tà ẹ kọ́ ni àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ tí ojú wọn ń dán bí owó tuntun ló ń kọ̀wé sí mi pé àwọn burẹ́wà, tí n bá sì bi wọ́n pé ta ló sọ fún yín, kò séèyàn kankan, fóònù ni.

Wò ó, nígbà tó o ń lo onítọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíì ló máa ń yà ẹ́, ìyẹn á sì dúró lókèèrè kó lè rí ẹ tán. Ní báyìí ìwọ lò ń ya ara ẹ, ọwọ́ ara ẹ lo fi ń di fóònù mú, o sì ń ká ìgbọ̀nwọ́ sínú kójú ẹ lè kún síkíríìnì dáadáa. Láti kámẹ́rà dé ṣóńṣó imú ẹ ò ní ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ìyẹn 30 sẹ̀ǹtímítà. Etí ẹ wà lẹ́yìn, á fi nǹkan bíi 12 sẹ̀ǹtímítà jìnnà ju imú lọ. Ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà ló sì máa ń tóbi. Na àtẹ́lẹwọ́ ẹ sí kámẹ́rà kó o rí i, á tóbi ju orí ẹ lọ, o ò sì ní sunkún lọ sílé pé ọwọ́ ẹ ti wú. Ohun kan náà ló ń ṣe imú ẹ. Tí kámẹ́rà bá wà ní 30, etí á wà ní 42, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, imú á yọ síta gbàǹgbà. Tí ẹni tó ń yà ẹ́ bá dúró ní 150, etí á wà ní 162, ìyàtọ̀ yẹn ò tó nǹkan mọ́, imú á padà sí àyè ẹ̀.

Dókítà kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú, Boris Paskhover lorúkọ ẹ̀, àwọn èèyàn ń gbé sẹ́fì wá bá a pé ẹ wo bí imú wa ṣe rí, ẹ bá wa gé e. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wá jókòó ṣírò ẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní 2018: sẹ́fì tí wọ́n yà ní ẹsẹ̀ bàtà kan máa ń mú kí imú fẹ̀ ní nǹkan bí ìpín 30 nínú 100 ju bó ṣe máa rí téèyàn bá yà á láti ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ìyẹn láìtíì sí fíltà kankan níbẹ̀ o. Kámẹ́rà lásán ni.

Ó wá kan fíltà. Òun ń ṣe òdìkejì ẹ̀. Tó o bá ṣí Snapchat tàbí TikTok, á kọ́kọ́ wá ojú ẹ nínú àwòrán, á fi àmì sí igun ojú, ihò imú, etí ẹnu, títí dé àgbọ̀n, á wá ta á pọ̀ bí àwọ̀n apẹja. Ibi tó bá wù ú ló máa fà nínú àwọ̀n yẹn, á fún imú pọ̀, á la ẹyinjú, á gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò, á sì pa awọ dán. Bó o ṣe ń mirí lòun náà ń fà á tẹ̀ lé ẹ, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ìwọ gan-an ni. Nígbà tó o bá wá pa fíltà, kì í ṣe ojú ẹ lò ń padà sí, sẹ́fì ẹsẹ̀ bàtà kan yẹn lò ń padà sí. Ṣé o ti rí i báyìí? Ọ̀kan ń fi kún imú ẹ, èkejì ń yọ kúrò lára ẹ̀, àárín irọ́ méjèèjì lo dúró sí tó ò ń sunkún.

Mi ò fẹ́ kó o gbà mí gbọ́ lásán. Télọ̀ ni ẹ́, o ní tépù àti rúlà. Ọjọ́ Sunday tó kọjá mo ṣe é pẹ̀lú ọmọ àbúrò mi tóun náà ń da irú ọ̀rọ̀ yìí láàmú mi. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ tí oòrùn ò tíì le, a ò jókòó sábẹ́ gílóòbù torí òjìji tí iná òkè ń tì sábẹ́ imú náà máa ń fẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ ya sẹ́fì bó ṣe máa ń yà á. Ó tún ya òmíì pẹ̀lú fíltà tó fẹ́ràn jù. Èmi wá gba fóònù, mo fi kámẹ́rà ẹ̀yìn yà á láti ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, mo gbé e dọ́gba pẹ̀lú ojú ẹ̀, kò gba òkè kò gba ìsàlẹ̀. A fa fọ́tò kọ̀ọ̀kan lórí síkíríìnì títí ojú ẹ̀ fi fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6 géérégé, láti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì, a wá fi rúlà wọn imú níbi tó ti fẹ̀ jù. Sẹ́fì fún wa ní 2.3. Fíltà fún wa ní 1.5. Èyí tí mo yà jẹ́ 1.9. Mo wá fi rúlà wọn ojú ẹ̀ gan-an, ojú ẹran ara, mo gbé rúlà gbọọrọ síwájú ẹ̀ láì jẹ́ kó tẹ̀ lé kọ́nà imú: imú 4.2, ojú 13.3. Pín in kó o rí i, ti fọ́tò tí mo yà ló bá a mu, nǹkan bí 32 nínú 100. Sẹ́fì sọ pé 38, fíltà sọ pé 25. Ọmọ yẹn jókòó, ó dákẹ́, ó ní, "Àǹtí, mi ò tiẹ̀ dà bí ìkankan nínú méjèèjì."

Ìwọ náà ṣe é lónìí. Àmọ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀, wọ inú kámẹ́rà kó o wá ibi tí wọ́n kọ Beauty sí, kó o fà á padà sí 0. Ọ̀pọ̀ fóònù táà ń rà níbí ló jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ nínú páálí ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀, o ò ní mọ̀ pé wọ́n ti ń fọ ojú ẹ kó o tó dé ìdí fíltà rárá. Èmi ní pélé, bàbá mi ló ní kí wọ́n kọ ọ́ fún mi. Níbi ìsọmọlórúkọ kan lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan yà mí, ó gbé e fún mi wò, mo wò ó títí, n ò rí pélé mi. Kò tẹ fíltà kankan. Fóònù ka ilà bàbá mi kún ìdọ̀tí, ó sì nù ún kúrò. Ó dùn mí dalẹ́.

Nǹkan tó ò ń fi há imú yẹn ńkọ́? Yọ ọ́ dànù, má tún há a sùn mọ́. Ìyá tó bí ìyá mi fi omi gbígbóná àti òróró tẹ imú àwa ọmọ ọmọ ẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán nígbà tá a wà ní ìkókó, bó ti ń wẹ̀ wá ló ń fà á, imú bàbá wa náà ló ṣì wà lójú gbogbo wa. Tí imú ìkókó ò bá gbọ́, kerekere ọmọ ọdún 19 ló máa wá gbọ́ ti ike? Ohun tó lè ṣe fún ẹ ni kó bó ẹ lára, kó dápàá sí ẹ nímú, kó má sì jẹ́ kó o mí dáadáa lóru.

Ti ìyàwó, mi ò fẹ́ gbọ́ irọ́ àìsàn yẹn rárá. Ẹ̀gbọ́n ẹ máa wá ojú ẹ lọ́jọ́ yẹn, kò ní wá imú. Fotógíráfà tó ò ń sá fún gan-an ni kò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan, torí pé bàbá yẹn ò ní sún mọ́ ẹ ní ẹsẹ̀ bàtà kan láéláé, ó kéré tán á dúró ní mítà méjì kó lè kó ẹ̀yin àti gèlè yín sínú àwòrán. Ibẹ̀ limú ẹ ti máa wà ní ìwọ̀n ara ẹ̀. Àwọn tó yẹ kó o sá fún ni àwọn ọ̀rẹ́ tó máa na fóònù síwájú pé ẹ jẹ́ ká ya sẹ́fì, tí ìwọ bá wà níwájú pátápátá tó o sún mọ́ fóònù jù. Bọ́ sẹ́yìn níbẹ̀. Tó o bá sì máa bẹ fotógíráfà ní nǹkan kan, bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi kọ̀ǹpútà fọ àwọ̀ ẹ di funfun, kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n ẹ lè jọra nínú fọ́tò.

Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ bi ẹ́, dá ara ẹ lóhùn láì parọ́. Lẹ́yìn tó o bá ti wọn imú yẹn tán tó o rí i pé kò ní nǹkan, ṣé o ṣì ń lọ wo dígí lẹ́ẹ̀mẹwàá kílẹ̀ tó ṣú, ṣé o ṣì ń fi ọwọ́ bo ojú tí kọsítọ́mà bá wọlé, ṣé o ti ń sá fún ìpàdé? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti fóònù. Àìsàn ọpọlọ kan wà tó máa ń mú kéèyàn máa rí àbùkù tí ẹlòmíì ò rí lára ẹ̀, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀, iṣẹ́ abẹ imú kì í sì í wò ó sàn, tí wọ́n bá gé imú tán á kàn bọ́ sí àgbọ̀n ni. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ọpọlọ ní UCH ni kó o lọ, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀.

Kọ̀wé sí mi tó o bá ti wọn ọ́n. Nọ́ńbà mẹ́ta ni mo fẹ́ rí: ti sẹ́fì, ti fíltà, àti ti fọ́tò tí ẹlòmíì yà.