Owó orí mẹ́ta: ta ni ẹrù rẹ̀ wúwo fún jù?

Ìbéèrè: Owó orí tó ń ga bí owó èèyàn ṣe ń pọ̀, èyí tó ń fúyẹ́ bí owó ṣe ń pọ̀, àti èyí tí ìdá rẹ̀ dúró sójú kan: ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ni lára jù?

Ìdáhùn: Àkọ́kọ́ wúwo jù fún olówó, ìkejì fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré, ìkẹta sì ń mú ìdá kan náà nínú owó tó ń wọlé fún oníkálukú. Ìdá tó kúrò nínú owó tó wọlé la fi ń wọn ẹrù yìí, kì í ṣe iye tí èèyàn san.

Owó orí ọjà ló sábà máa ń rú èèyàn lójú, torí ìdá rẹ̀ dọ́gba. Ká ní ó jẹ́ ìdá 10 nínú 100 gbogbo owó tí èèyàn bá ná. Ẹni tó ń gba 100 lóṣù ń ná gbogbo rẹ̀ tán, ó sì san 10, ìyẹn ìdá 10 nínú 100 owó rẹ̀. Ẹni tó ń gba 1,000 ná 400, ó fi 600 pamọ́. Ó san 40, ṣùgbọ́n ìdá 4 péré nìyẹn nínú 100 owó rẹ̀. Ẹni tó san 10 lára ń ni jù, torí náà irú kejì ni owó orí ọjà yìí, bí ìdá rẹ̀ tiẹ̀ dọ́gba.

Bí òfin bá yọ oúnjẹ àti oògùn kúrò, ẹrù tálákà á fúyẹ́ dáadáa. Bí olówó bá sì wá ná 600 yẹn lọ́jọ́ iwájú, á san owó orí lórí rẹ̀ nígbà náà, nítorí náà ìyàtọ̀ náà máa ń dín kù bí a bá fi gbogbo ọjọ́ ayé èèyàn wọ̀n ọ́n.