Ẹ Má Fi Sódà Aláró Jó Ohun Tó Yọ Sí Ara Màmá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àwọn ohun dúdú kan ti pọ̀ sí ẹ̀yìn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi, ẹni ọdún 62. Ojú wọn le, wọ́n sì ń dán bí ìda. Obìnrin kan ní Ìtòkú ní kí a fi sódà tí àwọn aláró ń lò jó wọn kúrò kí wọ́n tó di jẹjẹrẹ. Báwo ni a ṣe máa pò ó tí kò fi ní ṣe é léṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má pò ó rárá, nítorí kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí awọ ara lè gbà. Ohun tí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni kò tọ̀nà. N kò tíì fojú rí Màmá, ṣùgbọ́n bí ó bá rí bí ẹ ṣe sọ ọ́, irú ohun bẹ́ẹ̀ kì í di jẹjẹrẹ bí a bá fi í sílẹ̀.

Sẹbọríìkì kẹratósìsì ni àwa dókítà awọ ń pè é. Òkè awọ ni ó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 40, ó sì ń pọ̀ sí i bí àgbà ṣe ń dé. Ẹ fara balẹ̀ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ: ẹ ó rí i pé ó jókòó sórí awọ bí ìda tí ó kán sórí tábìlì, àti pé ihò wẹ́wẹ́ sábà máa ń wà lójú rẹ̀. Èyí tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Ó wọ́pọ̀ gan-an lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń jẹ́ àjogúnbá. Ẹran kékeré tí ó máa ń fì lọ́rùn tàbí lábíyá náà kò léwu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń ní kí ẹni tí ó bá pọ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́ọ̀tì ní tirẹ̀ máa ń ràn, nítorí fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ṣùgbọ́n lára ọmọdé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún 2.

Kọ́stíìkì sódà ni ohun tí wọ́n ní kí ẹ lò. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìkòkò aró ni láti jẹ́ kí aró yòrò kí ó lè wọ aṣọ, ìdí sì nìyẹn tí aláró tí ó mọṣẹ́ fi ń wọ ìbọ̀wọ́. Ohun tí ó wà lára Màmá kò ju òkè awọ lọ, ṣùgbọ́n sódà kì í dúró lókè: ńṣe ni ó ń yọ́ ọ̀rá àti ẹran lọ sísàlẹ̀, ìgbà mìíràn kí ẹni náà tó mọ̀ ọ́n lára. Egbò rẹ̀ lè di àpá tí ó ń wú, tí a ń pè ní kẹ́lọ́ìdì, bí ó bá sì ta sí ojú láti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó lè fọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi kàn án, omi tí ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ibẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á.

Ohun tí ó bí mi nínú jù ni pé sódà máa ń pa àmì tí a fi ń mọ jẹjẹrẹ rẹ́. Àgbẹ̀ kan láti apá Ọ̀dẹ̀dá ní ojú dúdú kan ní àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n ní wọ́ọ̀tì ni, wọ́n sì jó o léraléra. Bí ó bá ti fẹ́ san, yóò tún dúdú. Nígbà tí mo rí i, etí ojú dúdú náà rí págunpàgun, apá kan dúdú kirikiri, apá kan rí bí eérú, àárín rẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹran tí a kọ́kọ́ gé fún àyẹ̀wò kò fi nǹkan kan hàn ju ẹran tí sódà ti pa lọ, àfi ìgbà tí a tún gé e jinlẹ̀ láti etí rẹ̀. Mẹlanómà ni, ìyẹn jẹjẹrẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí ń mú awọ dúdú, ó sì ti dé kókó ìtan rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni ó ti wọ́pọ̀ jù lára ènìyàn dúdú. Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lára Bob Marley, tí ó kú ní 1981 ní ẹni ọdún 36.

Nítorí náà, ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti èékánná Màmá wò kí ẹ tó máa dààmú nípa ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ilà dúdú lábẹ́ èékánná kan ṣoṣo tí ó ń fẹ̀ sí i, tàbí egbò tí kò san fún oṣù kan, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ohun dúdú náà tí ó ń yára yí padà tí kò jọ àwọn yòókù mọ́, tàbí tí wọ́n bá ṣàdédé yọ lọ́pọ̀ yanturu láàárín oṣù díẹ̀ pẹ̀lú ara yíyún, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ gbé Màmá wá sí ẹ̀ka àìsàn awọ ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Aba, Abẹ́òkúta, tàbí ọ̀dọ̀ dókítà awọ mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ pé Màmá kàn fẹ́ kí ojú òun mọ́, àwa dókítà lè fi iná mànàmáná kékeré yọ wọ́n. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi naitrojíìnì olómi dì wọ́n, ẹ kọ́kọ́ bi í nípa ojú funfun tí òtútù rẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ lára awọ dúdú. Èyíkéyìí tí ó bá sì mú iyèméjì wá, ẹ rí i pé wọ́n fi ohun tí wọ́n gé sínú fọ́málìn, tí wọ́n kọ orúkọ Màmá sí i lára, tí wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò.