Àìní bọ́hóòlù kọ́ ni ìṣòro yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní ìhà Olódó, n'Íbàdàn. A kọ̀wé béèrè owó bọ́hóòlù, wọ́n dá a padà, wọ́n ní àlàyé ìṣòro wa kò yé wọn, àfojúsùn wa kò sì ṣeé wọ̀n. Ohun tí a kọ ni pé a kò ní bọ́hóòlù, a sì fẹ́ pèsè omi mímọ́ tó pọ̀ fún gbogbo èèyàn. Níbo la ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, akọ̀wé. Mo mọ ibi tí irú ìwé yìí ti ń wá. Àwọn kan ń ta àbá iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, orúkọ àdúgbò nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ẹ má fowó yín fún wọn mọ́. Inú ń bí mi sí i, torí pé àwọn èèyàn tó ń ru omi kiri ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wọn.

Oògùn ni bọ́hóòlù, kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó bá lọ bá dókítà tó ní àìsàn òun ni pé wọn kò gún òun lábẹ́rẹ́, dókítà á kọ́kọ́ bi í pé ibo ló ń dùn ún. Ohun tí ẹni tó fẹ́ fún yín lówó ń bi yín náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Àdúgbò kan n'Íbàdàn yìí kọ irú ọ̀rọ̀ yín gẹ́lẹ́, mo sì bá àwọn afúnnilówó lọ wo ibẹ̀. Bọ́hóòlù mẹ́ta la bá níbẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ ti kú. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti jó, wọ́n sì so ewúrẹ́ mọ́ páìpù rẹ̀. Omi ìkejì máa ń tán ní gbogbo Oṣù Kejì. Ìkẹta ń yọ omi pupa tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ fi sẹ́nu. Obìnrin tó ṣáájú wa bi baálé ibẹ̀ pé, "Kí ni kò ní jẹ́ kí ìkẹrin kú, bàbá?" Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó náà parí sí.

Nítorí náà, àlàyé ìṣòro ni ibi tí ẹ ti sọ ẹni tí ìyà ń jẹ, ìgbà tó ń jẹ ẹ́, bó ṣe pọ̀ tó, àti ìdí rẹ̀. Ìdí yẹn ni àwọn èèyàn kì í kọ, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́. Orí àpáta líle ni Ìbàdàn wà. Ilẹ̀ rírọ̀ tí àpáta tó ti jẹrà di ló bò ó lórí, inú ibẹ̀ ni omi kànga wa máa ń wà. Tí òjò bá dá, omi yẹn á máa lọ sílẹ̀ títí kànga á fi gbẹ. Ihò àti ẹ̀là inú àpáta ni bọ́hóòlù tó dára ti ń rí omi, ẹ̀là yẹn kò sì sí níbi gbogbo. Ìdí nìyẹn tí bọ́hóòlù ẹnì kan fi lè máa yọ omi, tí ti aládùúgbò rẹ̀ á gbẹ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ bó ṣe pọ̀ tó? Ẹ kà á. Ká ní ilé 64 ló wà ní àdúgbò yín, pẹ̀lú èèyàn 412. Ẹ mú ilé kan nínú mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ ó rí ilé 21. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ fún ọmọ kan tó mọ̀wé ní ìwé àti aago, kó jókòó lẹ́nu ọ̀nà láti aago márùn-ún àárọ̀, kó kọ ìgbà tí ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì jáde lọ, àti ìgbà tó dé. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Ilé tó ní èèyàn mẹ́fà, tó ń pọn kẹ́ẹ̀gì méjì onílítà 25 lójúmọ́, lítà 50 ló rí, nǹkan bíi lítà mẹ́jọ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlànà àgbáyé fún ìgbà pàjáwìrì sọ pé kò yẹ kó dín sí 15. Òǹkà yẹn á wá sọ̀rọ̀ fún yín.

Ẹ wo bí àlàyé ṣe lè rí nígbà náà (àpẹẹrẹ ni o, òǹkà tiyín ni kẹ́ ẹ fi sí i): "Láti Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹta, mẹ́ta nínú kànga mẹ́rin tí ilé 64 ń lò máa ń gbẹ. Nínú ilé 21 tí a kà, ilé 16 ń lò ju wákàtí kan lọ kí wọ́n tó pọn omi dé lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan bíi lítà mẹ́jọ ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Àwọn kànga náà kò kọjá ilẹ̀ rírọ̀ orí àpáta. Bọ́hóòlù kan tí a ní tẹ́lẹ̀ dákẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ jó, torí pé a kò fi owó àtúnṣe sílẹ̀." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má tijú láti kọ ọ́. Òun ló máa jẹ́ kí wọ́n gbà yín gbọ́.

Ní ti àfojúsùn, iṣẹ́ ni gbígbẹ́ bọ́hóòlù. Ìyípadà tó dé bá èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́ ni àfojúsùn. "Ní Oṣù Kejì tó tẹ̀lé ìparí iṣẹ́, ilé 55 ó kéré tán nínú 64 á máa pọn omi dé láàárín ìṣẹ́jú 30, ìdúró lórí ìlà wà nínú rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì máa rí lítà 15 lójúmọ́." Ìṣẹ́jú 30 yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Yúnísẹ́fù fi ń wọn ìpèsè omi. Tí ẹ bá fẹ́ kọ "mímọ́," ẹ kọ ọ́ báyìí: yàrá ìwádìí kò gbọ́dọ̀ rí kòkòrò ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní í-kólì nínú mílílítà 100 omi náà.

Kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ ṣírò bóyá ó ṣeé ṣe. Lítà 15 fún èèyàn 412 jẹ́ lítà 6,180, nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì 247. Tí ẹnu ẹ̀rọ kan bá ń kún kẹ́ẹ̀gì ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, wákàtí méjìlá ló máa ná an. Ọ̀pọ̀ ilé kò ní lè pọn omi dé ní ìṣẹ́jú 30 níbẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin á sọ ọ́ di wákàtí mẹ́ta. Bọ́hóòlù tó ń mú lítà 1,800 wá ní wákàtí kan á sì fi wákàtí mẹ́ta àbọ̀ fa gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ 600 péré ló ń mú wá, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ tó bá fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò, tó sì fa omi náà wò lẹ́yìn gbígbẹ́, ló lè sọ èyí tí ẹ ní. Èmi tí mi ò dé ilẹ̀ yín kò lè sọ ọ́. Torí náà, ẹ má kọ iye mítà tí ẹ máa gbẹ́ kí àyẹ̀wò tó wáyé, ẹ sì kọ ọ́ sínú àbá pé tí omi kò bá tó, ẹ ó dín òǹkà náà kù.

Ẹ kíyè sí Oṣù Kejì tí mo kọ síbẹ̀. Àwọn kan máa ń wọn ìyà wọn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n á wá wọn ìtura ní Oṣù Keje, nígbà tí kànga kún, tí gbogbo ilé sì gbé ike síta fún òjò. Òjò ni wọ́n wọ̀n nígbà náà. Tí òjò bá ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín báyìí, ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ ta kókó sí okùn náà ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi wọn ibi tí omi kànga yín kọ̀ọ̀kan dé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó bá di ìdajì Oṣù Kìíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka kẹ́ẹ̀gì.